Òjò Tí Kò Rọ̀ ní Oṣù Kẹjọ

Yàrá kan ṣoṣo ni Morọ́lá àti Ọlálérè ọkọ rẹ̀ ń gbé ní Ailegun, ní Éjìgbò ní Èkó, síbẹ̀ wọn kì í ríra. Ọlálérè ń tún ẹ̀rọ ṣe ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ike ní Ìsọlọ̀. Iṣẹ́ alẹ́ ni tirẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ló ń wọlé, àárọ̀ ló ń jáde. Morọ́lá ń di bisikíìtì sínú páálí ní ilé iṣẹ́ mìíràn ní òpópónà kan náà, àmọ́ iṣẹ́ ọ̀sán ni tirẹ̀, aago méje àárọ̀ sì ni wọ́n ń ti géètì. Kí ọkọ tó délé, ìyàwó ti lọ. Kí ìyàwó tó dé, ọkọ ti jáde. Tí Morọ́lá bá dùbúlẹ̀ lálẹ́ pẹ̀lú Bọ́lájí ọmọ wọn, òórùn ọṣẹ ọkọ rẹ̀ ló máa ń bá lórí ìrọ̀rí. Tí Ọlálérè bá wọlé láàárọ̀, á bá oúnjẹ nínú kúlà, á bá ibi tí orí ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ sí lórí ìrọ̀rí yẹn, á rọra gbé orí tirẹ̀ síbẹ̀, oorun á sì gbé e lọ.

Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n máa ń jókòó pọ̀, bí wọn ò bá pe Ọlálérè síbi iṣẹ́. Wọ́n sì máa ń pè é.

Nínú oṣù kẹfà, òjò kan rọ̀ ní ìdájí tó sọ títì Ailegun di odò. Kò sí kẹ̀kẹ́ Márúwá tó fẹ́ wọ inú omi yẹn. Morọ́lá fẹsẹ̀ rìn títí, ó dé ẹnu géètì pẹ̀lú aṣọ tó lẹ̀ mọ́ ọn lára, géètì sì ti tì. Ìyá Adéjùmọ̀, obìnrin tó ń bójú tó àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀sán, yọjú láti inú ihò géètì.

"Morọ́lá, o mọ òfin wa. Máa lọ sílé. Tó bá tún ṣẹlẹ̀, màá kọ̀wé sí ọ̀gá nípa rẹ."

Nígbà tí Ọlálérè gbọ́, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe ló máa ń fi dáhùn. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fóònù rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé títí oòrùn fi wọ̀. Ó ṣètò ìránnilétí kan tí yóò máa ti orí fóònù tirẹ̀ ránṣẹ́ sí ti Morọ́lá.

"Gbọ́ bó ṣe ń ṣiṣẹ́," ó sọ fún ìyàwó rẹ̀. "Láràárọ̀, kí o tó jí, á lọ wo àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Á béèrè bóyá òjò máa rọ̀ láti Éjìgbò dé Ìsọlọ̀ ní àsìkò tí o máa wà lọ́nà. Kì í ṣe 'bẹ́ẹ̀ ni' tàbí 'rárá' ni wọ́n máa sọ fún un o. Ohun tí wọ́n máa sọ ni pé, ká ní irú àárọ̀ yìí jẹ́ mẹ́wàá, òjò á rọ̀ nínú mélòó."

"Mélòó wá ni tèmi?"

"Mo fi sí mẹ́fà. Tó bá ti tó mẹ́fà nínú mẹ́wàá, á jí ẹ ṣáájú àkókò tí o máa ń jí, á ní kó o tètè jáde, kó o mú agbòjò. Tí omi tí wọ́n ń retí bá wá pọ̀, á tún fi ìlà kan sí ìsàlẹ̀, pé kó o wọ ẹ̀wù òjò àti bàtà rọ́bà. Bí kò bá tó mẹ́fà, kò ní sọ nǹkan kan, áláàmù ẹ ojoojúmọ́ ló máa jí ẹ."

"Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò bá wá sí ńkọ́?"

"Á sọ fún ẹ pé òun ò rí nǹkan kan wò. Ìwọ náà á wá yọjú wo sánmà."

Ó fúnra rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ tí ìránnilétí náà máa sọ. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́ tó dún, Morọ́lá na ọwọ́ sí fóònù nínú òkùnkùn, ó sì kà á: *Morọ́lá, òjò ń bọ̀. Tètè jáde, mú agbòjò dání. Máa rọra o.* Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì tó ń sọ ọ́ sí i létí.

Ó gbé Bọ́lájí tó ṣì ń sùn lọ fún Ìyá Ìdrís, aládùúgbò wọn tó máa ń bá a mú ọmọ lọ sílé ìwé. Ó jáde. Ojú títì dákẹ́. Atẹ́gùn tútù ń fẹ́ láti apá Jákàǹdè, sánmà sì dúdú bí ikùn ìkòkò. Kò tíì dé Ìsọlọ̀ tán tí òjò fi bẹ̀rẹ̀, wẹliwẹli, tó ń ta sórí páànù ilé iṣẹ́ bí ẹni tó ń fọ́n ìrẹsì. Ó ṣí agbòjò. Nígbà tó yí kọ́nà sí òpópónà ilé iṣẹ́ wọn, ó rí àwọn òṣìṣẹ́ alẹ́ tí wọ́n ń jáde, wọ́n ń sá sábẹ́ igi fúrúùtù kan níbi tí wọ́n ti máa ń dúró de bọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́. Ọkùnrin kan wà láàárín wọn tí kò sá. Ó dúró sínú òjò, ó ń wò ó.

"Bàbá Bọ́lájí!"

"Mo ní kí n wò ó bóyá ó jí ẹ lóòótọ́," Ọlálérè sọ.

Ó wọ abẹ́ agbòjò. Kò tíì tó àkókò tí géètì Morọ́lá máa tì, bọ́ọ̀sì Ọlálérè kò sì tíì dé. Ọkùnrin kan ń ta tíì lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi náà, ó ń da tíì láti inú ife kan sí òmíràn, èéfín rẹ̀ ń gòkè lọ bá òjò. Wọ́n ra ife kan àti búrẹ́dì. Wọ́n jọ mu ún. Ọlálérè bi í nípa ikọ́ Bọ́lájí, Morọ́lá bi í nípa ẹ̀rọ tó ń dà á láàmú láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Kò sí ọ̀rọ̀ gidi kan nínú ohun tí wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí Morọ́lá dé ìdí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, tí bisikíìtì ń yọ́ wá níwájú rẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ fúyẹ́, bí ẹni tó ṣì ń lá àlá.

Ìsíátù tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wò ó. "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sí? Òjò tí gbogbo ayé ń sá fún!"

"Òjò dára," ni Morọ́lá sọ.

Báyìí ni oṣù kẹfà àti oṣù keje ṣe lọ. Bí fóònù bá dún ní ìdájí, inú Morọ́lá á dùn kó tó la ojú. Ọjọ́ mìíràn, òjò á rọ̀ gan-an, wọ́n á fún ara wọn mọ́ abẹ́ agbòjò, omi á máa ṣàn láti etí rẹ̀ bí aṣọ títa. Ọjọ́ mìíràn, òjò ò ní rọ̀ rárá. Ọlálérè á ní, "Mẹ́fà nínú mẹ́wàá ni wọ́n sọ. Ti òní wà nínú mẹ́rin yòókù." Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ tí fóònù bá dákẹ́, Morọ́lá á jí ní àkókò rẹ̀, á wẹ ọmọ, á sáré jáde, á sì dé òpópónà náà lẹ́yìn tí bọ́ọ̀sì ti lọ. Abẹ́ igi á ti ṣófo.

Oṣù kẹjọ wọlé. Gbogbo ẹni tó ń gbé Èkó ló mọ oṣù náà. Òjò máa ń sinmi níbẹ̀. Ìkùukùu á bo ojú ọ̀run, ilẹ̀ á tutù, ṣùgbọ́n omi ò ní já. Morọ́lá ti múra sílẹ̀ fún ìdákẹ́jẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, fóònù dákẹ́ lóòótọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó dún.

*Morọ́lá, òjò ń bọ̀. Tètè jáde, mú agbòjò dání. Máa rọra o.*

Ó jáde. Òjò kò rọ̀. Ọlálérè wà lábẹ́ igi, ó ti ra tíì sílẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ó tún dún, òjò ò tún rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ ní ọ̀pọ̀ àárọ̀. Ìkùukùu funfun á rọ̀ sórí òpópónà, iná ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé iṣẹ́ á máa tàn nínú rẹ̀ bí ojú ẹja nínú omi, àwọn tirela tó sùn sẹ́bàá títì á dà bí òkè. Morọ́lá á máa rìn bọ̀ láàárín rẹ̀ pẹ̀lú agbòjò gbígbẹ lápá. Wọn kì í sọ̀rọ̀ nípa òjò mọ́. Ọlálérè kì í dárúkọ mẹ́rin yòókù mọ́. Morọ́lá náà kì í béèrè. Ó wò ó lójú nígbà kan, ó fẹ́ bi í, ó sì rí i tí ọkọ rẹ̀ tètè gbé ojú kúrò, tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí tíì tí kò gbóná mọ́. Ó mọ̀ nígbà náà. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Bí ènìyàn bá ń lá àlá tó dùn, ta ni yóò jí ara rẹ̀?

Ìsíátù kò jẹ́ kó sinmi. "Ẹ̀gbọ́n, agbòjò nínú oṣù kẹjọ? Òjò wo lẹ̀ ń retí?"

"Èyí tó máa rọ̀ ni," Morọ́lá dáhùn.

Oṣù kẹsàn-án dé. Wọ́n ti pe Ọlálérè síṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú, nítorí náà wọ́n fún un ní ìsinmi lọ́jọ́ Ajé. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sùn pọ̀ ní alẹ́. Bọ́lájí wà láàárín, ó gbé ẹsẹ̀ lé bàbá rẹ̀. Morọ́lá ń gbọ́ èémí àwọn méjèèjì bí ìgbì tó ń wọlé tó ń jáde.

Ní ìdájí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, fóònù dún. Ó na ọwọ́, ó rí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà lójú fóònù: *Morọ́lá, òjò ń bọ̀. Tètè jáde.* Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ nínú òkùnkùn. Ọkùnrin yìí gbàgbé pé òun wà nílé lónìí. Ó ń pe mí síbi tí òun fúnra rẹ̀ ò sí. Kò ṣí ọ̀rọ̀ náà dé ìsàlẹ̀. Ó pa ohùn fóònù mọ́ pátápátá, ó yí padà, ó gbé ọwọ́ lé àyà ọkọ rẹ̀, ó sì sùn lọ.

Ààrá ló jí i.

Òjò ń dà bí ẹni pé ọ̀run ya. Omi ti wọ abẹ́ ilẹ̀kùn dé etí kápẹ́ẹ̀tì. Morọ́lá fò dìde, ó wo aago, ó pariwo. Áláàmù ojoojúmọ́ ti dún títí, kò sẹ́ni tó gbọ́, ohùn ti wà ní pípa.

Ọlálérè jókòó. "Ìyá Bọ́lájí, kí ló dé? Ṣé kò jí ẹ ni?"

"Ó jí mi!"

"Ó jí ẹ, o ò lọ?"

"Mo rò pé ẹ̀yin lẹ̀ ń pè mí ni!"

Ọlálérè wò ó, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀. Ó mú fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣí ọ̀rọ̀ náà. Ó wà níbẹ̀ ní ìsàlẹ̀, ìlà tí Morọ́lá kò kà: *Òjò ńlá ni o. Wọ ẹ̀wù òjò àti bàtà rọ́bà.*

Kò sí àkókò fún ọ̀rọ̀. Wọ́n gbé Bọ́lájí fún Ìyá Ìdrís, Ọlálérè sì ní òun máa sìn ín. Títì ti kún dé orúnkún. Ọlálérè ń lọ níwájú, ó ń fi ẹsẹ̀ wá ibi tí kòtò wà, Morọ́lá di ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mú. Omi pupa ń gbé ike, ewé àti bàtà ọmọdé kan lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Kò sí kẹ̀kẹ́ kankan títí wọ́n fi dé Jákàǹdè. Nígbà tí wọ́n fi máa dé Ìsọlọ̀, òjò ti ń dá, géètì sì ti tì tipẹ́.

Ìyá Adéjùmọ̀ jáde wá fúnra rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó wo ọkọ, ó wo ìyàwó, omi ń kán lára àwọn méjèèjì.

"Ẹ káàárọ̀ mà," Ọlálérè sọ, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, èmi ni mo jẹ̀bi."

"Ṣé ìwọ lo gbé òjò wá ni?"

"Rárá mà. Èmi ni mo sọ ọ́ di ohun tí kò gbà gbọ́ mọ́."

Obìnrin náà kò lóye, ó sì hàn lójú rẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. "Mi ò lè ṣí géètì. Èmi náà ní ọ̀gá. Mo sọ pé màá kọ̀wé, màá sì kọ ọ́, àmọ́ màá kọ òjò sí i pẹ̀lú. Ẹ lọ gbẹ ara yín kí òtútù má pa yín."

Wọ́n lọ sábẹ́ igi fúrúùtù. Alábọ́ọ̀sì ti kó àwọn òṣìṣẹ́ alẹ́ lọ, alátíì ti palẹ̀ mọ́. Bẹ́ǹṣì rẹ̀ wà níbẹ̀. Wọ́n jókòó lé e, omi ń já láti ara ewé sí wọn lọ́rùn.

"Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?" Ọlálérè bi í.

"Láti inú oṣù kẹjọ. Ẹ sọ mẹ́fà di mélòó?"

"Ọ̀kan." Ó wo ilẹ̀. "Ọ̀kan nínú mẹ́wàá. Kò sí àárọ̀ púpọ̀ ní Èkó tí kì í tó bẹ́ẹ̀. Mi ò purọ́ fún ẹ, Morọ́lá. Mo kàn..." Ó fún omi kúrò létí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. "Nígbà tí òjò dá, mo jáde láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, o ò sí níbẹ̀. Ọjọ́ kejì, o ò sí níbẹ̀. Mo wọ bọ́ọ̀sì, mo ń wo ojú ọ̀nà bóyá màá rí ẹ nínú kẹ̀kẹ́ tó ń bọ̀ lódìkejì. Nígbà tí mo délé, mo yí nọ́ńbà yẹn."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé kó o pàdánù oorun ẹ, kó o jí ọmọ ní ìdájí, torí kí n lè rí ẹ fún ìgbà tí ife tíì kan máa fi tán? Ó tì mí lójú. Òjò ni mo fi bojú."

Tirela kan kọjá, ó ta omi sókè. Morọ́lá wo ọkùnrin yìí tí irun rẹ̀ lẹ̀ mọ́ iwájú orí, ó sì rí i pé inú òun kò bàjẹ́ tó bó ṣe yẹ kó bàjẹ́.

"Èmi náà purọ́," ó sọ. "Mo mọ̀ pé òjò ò ní rọ̀, mo sì ń gbé agbòjò kiri bí ẹni tó gbà á gbọ́. Ká ní mo ti bi yín, ẹ ò bá ti dá a padà sí bó ṣe wà. Torí pé mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ dá a padà ni mi ò ṣe bi yín."

Wọ́n wo ara wọn. Ọlálérè ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Ibẹ̀, lórí bẹ́ǹṣì yẹn, ni wọ́n ti tún un ṣe. Ọlálérè ní kí òun dá a padà sí mẹ́fà. Morọ́lá kọ̀.

"Ẹ fi sí mẹ́rin. Ó sàn kí n gbé agbòjò lásán ju kí wọ́n tún ti géètì mọ́ mi. Kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí nọ́ńbà náà hàn nínú ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ, kí n máa fi ojú ara mi rí i bóyá mẹ́rin ni tàbí mẹ́sàn-án. Ìkìlọ̀ òjò ńlá yẹn, ẹ gbé e wá sókè pátápátá, kó jẹ́ òun ni mo máa kọ́kọ́ rí."

Ọlálérè ṣe gbogbo rẹ̀ bó ṣe wí. Nígbà tó parí, ó ní, "Ṣé kí n wá ṣe òmíràn, tó jẹ́ tèmi? Èyí tí kò ní dárúkọ òjò?"

Morọ́lá mi orí. "Ẹ má ṣe nǹkan kan."

Ìwé tí Ìyá Adéjùmọ̀ kọ dé ọwọ́ ọ̀gá. Wọ́n kìlọ̀ fún Morọ́lá, ọ̀rọ̀ náà sì parí síbẹ̀, nítorí àwọn tó pẹ́ lọ́jọ́ yẹn pọ̀. Òjò oṣù kẹsàn-án tún rọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ìránnilétí náà sì sọ bó ṣe mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ tó bá ní mẹ́jọ, Morọ́lá á wọ ẹ̀wù òjò láìjiyàn. Ọjọ́ tó bá ní mẹ́rin, á wo sánmà, á mú agbòjò kékeré.

Lẹ́yìn náà ni àárọ̀ kan wá nínú oṣù kọkànlá, tí òjò ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní tòótọ́. Fóònù kò dún. Morọ́lá la ojú fúnra rẹ̀ nínú òkùnkùn. Ó dùbúlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó ń gbọ́ àkùkọ Ìyá Ìdrís. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó pọn Bọ́lájí lọ sọ́dọ̀ Ìyá Ìdrís ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ó sì jáde pẹ̀lú ọwọ́ òfo.

Ọyẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Gbogbo òpópónà Ìsọlọ̀ rí bí ohun tí wọ́n fi ìyẹ̀fun bò. Àwọn òṣìṣẹ́ alẹ́ ti jáde, wọ́n tò sábẹ́ igi, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ọlálérè jókòó lópin bẹ́ǹṣì. Kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń bọ̀. Ó ti sùn lọ lórí ìjókòó, ó ká apá mọ́ àyà, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún gírísì, ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀ bíi ti ọmọ wọn.

Alátíì fẹ́ pè é. Morọ́lá fi ìka sẹ́nu. Ó jókòó tì í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sún mọ́ ọn títí orí rẹ̀ fi wá sórí èjìká òun, ó sì jẹ́ kó máa sùn títí wọ́n fi rí iná bọ́ọ̀sì lókèèrè nínú ọyẹ́.